Bí Apá àti Ẹsẹ̀ Ṣe Ń Ká nínú Blender Láì Ya

Ẹ wo ọmọkùnrin tí wọ́n fi Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán 3D, ṣe yìí. Mo gbé apá rẹ̀ sókè, èjìká sì ya, a wá ń rí inú rẹ̀ gbayawu. Ọ̀pọ̀ á ní eegun tí wọ́n fi sí i ni kò dáa. Ẹ jẹ́ ká fi eegun sílẹ̀ ná, ká yẹ ara wò.

Mẹ́ṣì ni ara yìí: àwọn kókó kéékèèké tí ìlà so pọ̀. Eegun ló ń darí kókó. Bí kókó méjì bá wà níbì kan náà, tí ìlà kò so wọ́n pọ̀, tí eegun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ń darí wọn, wọ́n á pínyà ni.

Ohun tó ṣe èjìká yìí nìyẹn. Apá àti àyà ni wọ́n ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n wá fi kanra. Bí wọ́n bá ṣì jẹ́ nǹkan méjì, ẹ mú méjèèjì, kí ẹ tẹ Ctrl+J. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Tab, ẹ wọ Edit Mode, ẹ tẹ A láti mú gbogbo kókó, ẹ tẹ M, kí ẹ sì mú By Distance. Blender á sọ iye kókó tó yọ kúrò fún yín. Bó bá ní 0, ẹ gbé Merge Distance sókè díẹ̀díẹ̀ nínú àpótí tó jáde nísàlẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ ètè àti ìka ọwọ́ o, torí àwọn náà lè lẹ̀ mọ́ra.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ padà sí Object Mode, ẹ tẹ Ctrl+A, kí ẹ mú Scale.

Ó kan ìgúnpá. Apá tí kò ní ìlà níbi tó ti máa ká, pípẹlẹbẹ ni yóò tẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló tó fún ọmọ tó rọrùn báyìí. Ní Edit Mode, ẹ tẹ Ctrl+R, ẹ gbé máòsì sórí apá, ẹ yí àgbá rẹ̀ títí ìlà á fi di mẹ́ta, ẹ tẹ òsì, kí ẹ wá tẹ ọ̀tún kí wọ́n má bàa sún. Torí pé apá ọmọ yìí nà sí ẹ̀gbẹ́, S àti X á kó ìlà wọ̀nyẹn súnmọ́ra, G àti X á sì gbé wọn dé ìgúnpá. Orúnkún náà gba mẹ́ta tirẹ̀.

Eegun wá yá. Ẹ fi sí ẹ̀yìn, apá àti ẹsẹ̀. Bí ẹ̀yìn kò bá ní, eegun apá á gba àyà mọ́ tirẹ̀. Ibi tí eegun apá òkè ti parí, tí ti ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà àárín gan-an. Ẹ fún wọn lórúkọ `apa_oke.L` àti `apa_isale.L`. Symmetrize á ṣe ti ọ̀tún fún yín.

Ẹ padà sí Object Mode, ẹ mú ara ṣáájú, ẹ fi Shift mú eegun tẹ̀ lé e, Ctrl+P, With Automatic Weights. Bí ẹ bá rí "Bone Heat Weighting: failed to find solution for one or more bones", ó ṣeé ṣe kí kókó tó gorí ara wọn ṣì kù.

Ẹ ká ìgúnpá dé 90° ní Pose Mode. Bó bá ká bákan, ẹ fi nọ́ńbà tún un ṣe, ó yá ju fífi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lọ. Ní Edit Mode ti ara, ẹ fi Alt tẹ ìlà àárín, ẹ lọ sí Vertex Groups, ẹ mú `apa_oke.L`, ẹ kọ 0.5 sí Weight, ìyẹn bí eegun náà ṣe ń darí kókó tó, ẹ tẹ Assign. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún `apa_isale.L`. Ìlà tó súnmọ́ èjìká, 0.85 fún òkè, 0.15 fún ìsàlẹ̀. Ìlà kẹta, ẹ yí i padà. Àròpọ̀ wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 1.

Bí ẹ bá ká a ré kọjá 120°, inú ìgúnpá á ṣì fún pọ̀, torí pé ojú ìlà tààrà tó so ibi tí eegun méjèèjì fẹ́ gbé e sí pọ̀ ni kókó àárín máa ń bọ́ sí. Preserve Volume nínú Armature modifier á dín ìyẹn kù, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ìta ìgúnpá wú. Èmi kì í tàn án fún ọmọ tó rọrùn báyìí.

Ẹsẹ̀ ní ìyọnu tirẹ̀: itan méjì súnmọ́ra. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Bí inú itan ọ̀tún bá ń tẹ̀ lé e, eegun òsì ti di kókó tí kì í ṣe tirẹ̀ mú. Ẹ mú àwọn kókó yẹn ní Edit Mode, ẹ mú ẹgbẹ́ eegun itan òsì nínú Vertex Groups, kí ẹ tẹ Remove. Ẹ tún gbé ẹsẹ̀ náà. Itan ọ̀tún á dúró jẹ́ẹ́.