Sọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Jó, àti Owó Wíwò

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ oníná, ẹ kú ìjókòó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jó wà lára iṣẹ́ tí wọ́n máa ń tètè pe ọmọṣẹ́ sí lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ọmọ mi, ṣáà bá mi pààrọ̀ rẹ̀." Ọmọṣẹ́ á ra tuntun, á dè é, á gbowó. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Oṣù kan ò pé tí ìyá tí mo ṣe é fún fi ránṣẹ́ pè mí pé tuntun ti tún dúdú. Owó tí mo gbà ni mo fi ra òmíràn, mi ò sì lè sọ fún ọ̀gá mi, torí kò mọ̀ pé mo lọ.

Ibi tí wáyà ti wọ abẹ́ súkúrù ni mi ò yẹ̀ wò. Bí súkúrù bá dẹ̀, tàbí tí wáyà bá ti jó dúdú, iná ò ní rí ọ̀nà gbà dáadáa, ibẹ̀ á sì máa gbóná. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kẹ́tùlù wáàtì 2000 lórí iná fóòtì 230 ń fa nǹkan bí áńpù 8.7. Bí ìdènà ojú ìsopọ̀ yẹn bá tó ìdajì óòmù péré, 8.7 lọ́nà 8.7 lọ́nà ìdajì, ó ń lọ sí wáàtì 38. Irin tí a fi ń jó léèdì lára rédíò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú ike kékeré sì lèyí wà!

Nítorí náà, ẹ pa bíréékà. Ẹ fi tẹ́sítà kan ibòmíràn tí iná wà ná, kí ẹ mọ̀ pé tẹ́sítà ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó fi kan sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Lẹ́yìn náà, ẹ tún padà fi kan ibi tí iná wà. Ẹ gé wáyà títí ẹ ó fi rí bàbà tó ń dán, tí rọ́bà ara rẹ̀ sì rọ̀. Ẹ mú súkúrù le, kí ẹ fa wáyà kọ̀ọ̀kan wò.

Bí rọ́bà bá gan títí wọ inú páìpù ńkọ́? Iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn. Àmọ́ ọmọṣẹ́ tó jẹ́ pé ìgbà tó bá tún un ṣe nìkan ló máa gbowó, á fẹ́ fi téèpù bò ó mọ́lẹ̀.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó wíwò nìyẹn, ìyẹn owó yíyẹ iṣẹ́ wò, bóyá mo tún un ṣe tàbí mi ò tún un ṣe. Nílé bàbá kan, kí n tó tú súkúrù kankan, mo ní, "Ẹ má bínú sà, owó wíwò wà lọ́tọ̀, owó àtúnṣe wà lọ́tọ̀." Nígbà tí mo fa wáyà jáde, rọ́bà rẹ̀ ń fọ́ bí ìpékeré. Mo fi bíréékà yẹn sílẹ̀ ní pípa, mo gba owó wíwò, mo sì lọ ṣàlàyé fún ọ̀gá mi. Ó bá mi wí díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ fa wáyà tuntun sínú páìpù náà, èmi ló sì ní kí n fà á.