Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Dá Ìwọ̀n Owó Wa Padà?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sọ ní Iléṣà nìyí. Mo tún un kọ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin màmá mi, ẹ kú ìjókòó.

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kì í béèrè ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó máa ń ru aṣọ lọ sí ọ̀nà jíjìn, á tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gbowó rẹ̀. Bàbá mi sọ fún wa pé bó ti wù kí ọjà tà tó, bàbá náà kì í jẹ́ kí gbogbo owó òun wà níta. Tí èyí tó wà lọ́wọ́ onígbèsè bá ti pọ̀ ju èyí tó wà nílé lọ, kò ní gbé aṣọ tuntun síta mọ́. Owó tó bá wọlé, ilé ló máa kọ́kọ́ kó o sí, títí méjèèjì á fi dọ́gba. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò jìnnà sí èyí. Dídá ìwọ̀n owó padà ni mo ń pè é: kí ẹ mú nínú apá owó tó ti pọ̀ jù kún apá tó kéré, kí ìpín wọn lè padà síbi tí ẹ fi í sí.

Ẹni tó bá ní ìdókòwò sábà máa ń pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Apá kan wà nínú ṣéà, tó lè fò sókè, tó sì lè já lulẹ̀. Apá kejì wà nínú ohun tó dúró jẹ́ẹ́, bíi tírẹ́ṣọ́rì bíìlì àti bọ́ǹdù ìjọba àpapọ̀, tí a fi ń yá ìjọba lówó fún ìgbà kan. Lọ́jọ́ tí ẹ pín owó yẹn, ẹ ti pinnu iye àdánù tí ọkàn yín lè gbà. Àmọ́ ọjà kò mọ ìpinnu yín. Bí ṣéà bá ń gbówó lórí, apá tirẹ̀ á máa wú lọ láìjẹ́ pé ẹ fi kọ́bọ̀ kan kún un, nígbà tó bá sì fi máa yí padà, ohun tó máa jábọ́ á ti tóbi ju èyí tí ẹ gbà láti rù. Nítorí náà, a kì í dá ìwọ̀n padà kí èrè lè pọ̀. Nínú ọjà tó ń lọ sókè láìdúró, ẹni tó ń dá ìwọ̀n padà á rí èrè tó kéré sí ti ẹni tó fọwọ́ lẹ́rán. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu mi báyìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa tàn yín jẹ lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká fi owó gidi ṣe é. Ká ní màmá kan ní mílíọ̀nù 4 náírà nígbà tí ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀, ó fi mílíọ̀nù 2 ra ṣéà, ó sì fi mílíọ̀nù 2 sí tírẹ́ṣọ́rì bíìlì. Lọ́dún náà, àtọ́ka gbogbo ṣéà lọ́jà wa, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bí iye gbogbo ṣéà ṣe ń lọ hàn, fi ìdá 45.9 nínú 100 lọ sókè. Tí ṣéà màmá bá rìn bí ọjà ti rìn, ó ti di 2,918,000. Ká ní apá kejì mú náírà 12 wá lórí 100, òun náà di 2,240,000. Tí ẹ bá ro ó pọ̀, ṣéà ti kúrò ní 50, ó ti di bíi 57 nínú 100.

Ṣé kí màmá ta díẹ̀? Rárá. Ẹ jẹ́ ká dé ọdún kejì ná. Ní 2024, àtọ́ka yẹn tún fi ìdá 37.65 lọ sókè. Ṣéà màmá di bíi 4,017,000. Ká ní apá kejì mú 15 wá lórí 100 lọ́tẹ̀ yìí, ó di 2,576,000. Gbogbo owó náà jẹ́ 6,593,000, ṣéà sì ti di 61 nínú 100. Tí ọjà bá já sí ìdajì lọ́la, mílíọ̀nù 2 ló máa lọ, ìyẹn náírà 30 nínú 100 gbogbo ohun tó ní. Ká ní ó ṣì wà ní ìdajì sí ìdajì ni, 25 ni ì bá lọ. Màmá yìí kò yan 30 rí láyé rẹ̀. Ọjà ló yàn án fún un.

Ẹ wá bi mí pé kí ló dé tí mo ní kó má ta ní 57, tí mo sì fẹ́ kó ṣe nǹkan ní 61. Owó tí títà àti rírà ń jẹ ni. Bí ẹ bá ta ṣéà, alágbàtà lè gba tó náírà 1.35 lórí 100. Owó orí ọjà wà lórí iṣẹ́ tirẹ̀, owó ọjà ṣéà wà níbẹ̀, owó ibi ìpamọ́ ṣéà náà kò gbẹ́yìn. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ sí bíi náírà 2 lórí 100. Tí ẹ bá tún fi owó náà ra ṣéà mìíràn, bíi 2 mìíràn nìyẹn. Bí ẹ bá ta ṣéà, tí ẹ sì tún fi owó rẹ̀ ra òmíràn, ó ti jẹ bíi náírà 4 lórí 100 kí ohun tí ẹ rà tó ṣe ohunkóhun fún yín.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti jìyà rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, mo ní mílíọ̀nù kan náírà nínú ṣéà ilé iṣẹ́ márùn-ún, mo sì fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 200,000 gẹ́lẹ́. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, màá ta lára èyí tó wú, màá ra èyí tó rù. Bíi 50,000 náírà ni mò ń ṣí nípò lóṣooṣù. Owó tí wọ́n ń yọ fún 50,000 títà àti 50,000 rírà jẹ́ 2,000. Ó jọ owó kékeré lójú mi. Nígbà tí ọdún parí ni mo wá tẹ́ gbogbo ìwé ẹ̀rí rírà àti títà sórí tábìlì, mo rò wọ́n pọ̀: 24,000 náírà ti lọ, mílíọ̀nù kan péré sì ni gbogbo owó náà. Ìwọ̀n tí mò ń lé kò yàtọ̀ sí ti oṣù tó ṣáájú. Ṣéà tí mo tà ní oṣù kẹta, mo tún rà á padà ní oṣù karùn-ún. Ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń mọ̀ pé òun ti ń ṣe é jù. Ẹ yẹ ìwé yín wò. Tí orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà bá wà ní apá títà àti ní apá rírà láàárín oṣù díẹ̀, kì í ṣe ewu lẹ ń dín kù mọ́, alágbàtà lẹ ń bọ́.

Àdánù mìíràn tún wà tí kò sí nínú ìwé. Àwọn ṣéà kan wà tí èèyàn díẹ̀ ló ń rà wọ́n lójúmọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ta púpọ̀ níbẹ̀ kíákíá, ẹ máa sọ iye rẹ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó rí ẹni rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bọ́ǹdù ìfowópamọ́ tí ìjọba ń tà láti 5,000 náírà: èèyàn lè tà á kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, àmọ́ olùrà lè má yá, iye tó sì máa san lè dín.

Nítorí náà, ìlànà tí mo fọwọ́ sí fún àwọn tó wà níbí ni pé kí ẹ wo ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ohunkóhun àfi tí ṣéà bá ti fi 10 yẹ̀ kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Ẹni tó yan 50 á jókòó jẹ́ẹ́ láti 40 dé 60. Ọjọ́ tí ẹ máa wò ó sì rọrùn láti mú: ọjọ́ tí tírẹ́ṣọ́rì bíìlì olọ́jọ́ 364 yín bá pé. Owó yẹn á wọlé fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹ san owó títà. Ẹ lè pín in síbi tó bá kù.

Kí màmá wa tó ta ṣéà kankan ní 61 yẹn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo owó tuntun. Ká ní èrè orí ṣéà àti owó tó gbà lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù jẹ́ 300,000. Kó kó gbogbo rẹ̀ sí tírẹ́ṣọ́rì bíìlì. Gbogbo owó rẹ̀ di 6,893,000. Lẹ́yìn náà, kò pọn dandan kó padà sí 50 gẹ́lẹ́. Tó bá dé 55, ewu ti rọlẹ̀. Kí ṣéà lè di 55, bíi 226,000 ló máa tà, owó tí wọ́n máa yọ á sì jẹ́ bíi 4,500. Ká ní kò lo owó tuntun, tó sì fẹ́ dé 50 lẹ́sẹ̀ kan, bíi 720,000 ló máa tà, 14,400 ló sì máa lọ. Bóyá ẹ rò pé 10,000 náírà kò tó nǹkan. Lójú tèmi, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì.

Ibi tó le gan-an ni ìgbà tí ọjà bá ń já. Ìlànà kan náà yìí máa ní kí ẹ mú nínú owó tó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ fi ra ṣéà tí gbogbo ayé ń sá fún. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, àtọ́ka ọjà wa ga ju 66,000 lọ. Nígbà tí ọdún náà parí, ó ti wà ní bíi 31,000, ó sì tún já sí ìsàlẹ̀ 20,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009. Ẹni tó ń dá ìwọ̀n padà lóṣooṣù nígbà yẹn kàn ń kó owó ilé rẹ̀ sínú ihò lóṣooṣù ni. Ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún náà rà, àmọ́ kò rà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ọjà lápapọ̀ ni ẹ máa padà sí, bóyá nípasẹ̀ àpò ìdókòwò alájọni tó ní oríṣiríṣi ṣéà, kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìjọba gba báńkì mẹ́ta ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, owó àwọn tó ní ṣéà níbẹ̀ sì run pátápátá. Ẹni tó bá ń fi kún ṣéà báńkì bẹ́ẹ̀ kó lè padà sí ìwọ̀n, kò sí ìwọ̀n kankan tó máa padà sí.

Màmá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí dìde lẹ́yìn náà. Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti sún mọ́ 75. Ṣé 50 yẹn ṣì bá mi mu?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, Màmá. Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún lẹ máa ń fọwọ́ kan owó yìí láti fi jẹun?" Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, bíi 150,000 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 600,000 lọ́dún, 1,800,000 lọ́dún mẹ́ta. Mo ní kó kọ́kọ́ rí i pé iye yẹn wà nínú ohun tó dúró jẹ́ẹ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa 50 tàbí 40, àti pé tó bá fẹ́ mú owó oúnjẹ, kó máa mú un láti apá tó bá wú jù lọ́dún yẹn. Ó jókòó, ó yọ bírò rẹ̀ jáde, ó sì kọ 1,800,000 sí ẹ̀yìn ìwé ètò náà.