Àwọn tó ń ṣọ́ wa tọ̀sán-tòru: wáàsí ọjọ́ Jímọ̀

Ẹ̀yin ará mi ní Abẹ́òkúta, Àsàlámù àlékúmù wàráhímátúlláhì wàbárákátúhù.

Kí lémọ́mù tó gun míńbárì lónìí, àwọn màláíkà á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ní Kóbítì, ní Láfẹ́ńwá, níbi gbogbo tí a ti ń kírun Jímọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ orúkọ àwọn tó ń wọlé, bí wọ́n bá ṣe dé sí. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ nínú hádíìsì tí Bùhárì àti Múṣílímù gbà wá pé ẹni tó tètè dé jù dà bí ẹni tó fi ràkúnmí ṣe ọrẹ, ẹni tó tẹ̀lé e dà bí ẹni tó fi màlúù ṣe é, lẹ́yìn náà àgbò, lẹ́yìn náà adìẹ, ó wá kan ẹyin. Bí lémọ́mù bá ti yọjú, wọ́n á ká ìwé wọn, wọ́n á wọlé wá gbọ́ kútùbá. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ẹ̀yin ọlọ́kadà Kútọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó dé lẹ́yìn ìgbà náà ṣì kírun, ìrun rẹ̀ sì dára, àmọ́ wọ́n ti ká ìwé yẹn kó tó dé.

Ní ìlú wa yìí, inú agbo ilé kan náà la ti ń rí mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe, gbogbo wọn ló sì gbà pé èèyàn kì í dá rìn. Àwọn ará wa tó ń lọ sí Kàtídírà ní Aké ń ka Sáàmù 91, pé Ọlọ́run yóò pàṣẹ fún àwọn áńgẹ́lì láti pa ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12, nígbà tí Pétérù jáde lẹ́wọ̀n tó ń kan ilẹ̀kùn, àwọn tó wà nínú ilé sọ fún ọmọbìnrin tó gbọ́ ohùn rẹ̀ pé, "Áńgẹ́lì rẹ̀ ni." Ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí Mósè Orímọladé dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925, gba Máíkẹ́lì ní balógun wọn. Àwọn Júù náà ní ìtàn kan nínú Tálímúdì: bí ọkùnrin bá ń ti sínágọ́gù bọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, áńgẹ́lì méjì ló ń sìn ín délé, ọ̀kan rere, ọ̀kan búburú. Bí wọ́n bá bá fìtílà ní títàn àti tábìlì tí a ti tẹ́ sílẹ̀, ẹni rere á ní kó rí bẹ́ẹ̀ ní Sábáàtì tó ń bọ̀, ẹni búburú á sì ṣe àmín tipátipá.

Àwọn oníṣẹ̀ṣe ní tiwọn, Orí ni wọ́n ń bọ, wọ́n ní kò sí òrìṣà tí í gbe ni lẹ́yìn orí ẹni. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé àpáta náà ló fi ara bò wọ́n, wọ́n sì ń bọ ọ́ lọ́dọọdún títí dòní. N kò kó èyí jọ láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ẹ̀gbọ́n wa ni wọ́n, àna wa ni wọ́n. Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ ni ẹni tí à ń ké pè nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá.

Súrà 13, áyà 11 sọ pé ọmọ ènìyàn ní àwọn tó ń gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ara wọn, níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́hun. Ànábì sì ṣàlàyé pé àwọn màláíkà òru àti ti ọ̀sán máa ń pàdé nígbà ìrun Àsùbá àti ìrun Aláasárì. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ọdẹ àdúgbò ṣe ń fa iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́, àwọn tó sun mọ́jú pẹ̀lú yín á gòkè lọ, Ọlọ́hun á bi wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ó mọ̀ ju wọn lọ, pé, "Báwo lẹ ṣe fi àwọn ẹrú mi sílẹ̀?" Wọ́n á ní, "A fi wọ́n sílẹ̀ lórí ìrun, orí ìrun náà la sì bá wọn." Ẹ̀yin tí Àsùbá máa ń bá lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ronú sí ohun tí wọ́n máa sọ nípa yín.

Nígbà kan, Ànábì fi Ábù Uráírà ṣọ́ oúnjẹ sàká Rámádáànì. Ẹnìkan wá lóru, ó ń bu oúnjẹ. Ábù Uráírà gbá a mú, ó fẹ́ fà á lọ bá Ànábì. Ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé aláìní ni òun, òun ní ọmọ tó ń jẹun. Àánú ṣe é, ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ànábì ní, "Ó purọ́ fún ọ, yóò sì padà wá." Ó padà wá lóòótọ́, wọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ó tún fi í sílẹ̀. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹni náà ní, "Jẹ́ kí n kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe ọ́ láǹfààní. Bí o bá fẹ́ sùn, ka Áyátúl-Kúrúsíyù parí. Olùṣọ́ kan láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun kò ní yé wà pẹ̀lú rẹ, Ṣàítáánì kò sì ní sún mọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi mọ́." Ànábì ní, "Òótọ́ ló sọ fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òpùrọ́ ni. Ṣàítáánì ni."

Ẹ wò ó dáadáa. Ábù Uráírà kò pe màláíkà kankan lórúkọ. Kò san owó, kò pa adìẹ, kò so nǹkan kan mọ́ ọrùn. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ló kà, Ọlọ́hun ló sì rán olùṣọ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn kan tó ń pe ara wọn ní àáfáà fi ń dùn mí. Wọ́n á ní àwọn máa kọ orúkọ màláíkà sínú tìrà, tàbí kí o máa fi orúkọ Jìbírílù ké lóru kó lè bá ọ gbé owó wá. Àwọn onímímọ̀ jiyàn lórí tìrà tó jẹ́ kìkì áyà Kùránì. Lórí kíké pe màláíkà fún ìrànlọ́wọ́, kò sí àyè fún un: Súrà 3, áyà 80 sọ pé Ọlọ́hun kò ní pàṣẹ pé kí a sọ màláíkà tàbí ànábì di olúwa. Bí o bá bá irú wọn pàdé, ní kó ka ohun tó kọ sókè fún ọ, kó sì túmọ̀ rẹ̀. Bó bá ní àṣírí ni, tàbí tí orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wà nínú rẹ̀, dìde kúrò níbẹ̀. Súrà 34, áyà 40 àti 41 ní kí a bẹ̀rù: lọ́jọ́ Àjíǹde, Ọlọ́hun yóò bi àwọn màláíkà bóyá àwọn ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń sìn, wọ́n á ní rárá o, àlùjọ̀nnú ni wọ́n ń sìn. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń pe màláíkà lè máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Ẹnìkan lè ní, "Lágbájá ka Áyátúl-Kúrúsíyù, ó sì ní ìjàǹbá mọ́tò." Wọ́n gbà á wá láti ọ̀dọ̀ sàábé Alíyù ọmọ Àbí Tọ́líbì pé, nígbà tí wọ́n kìlọ̀ fún un pé àwọn kan fẹ́ pa á, ó ní màláíkà méjì wà pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń ṣọ́ ọ kúrò níbi ohun tí a kò kádàrá fún un, bí kádàrá bá dé, wọ́n á yà fún un. Wọ́n pa á ní Kúfà ní ọdún 40 lẹ́yìn Híjírà.

Lẹ́yìn Aláasárì lónìí, ẹni tó bá ráyè, kó má tètè dìde níbi tó ti kírun. Níwọ̀n ìgbà tí àlùwàlá rẹ̀ kò bá tíì bàjẹ́, àwọn màláíkà á máa sọ lórí rẹ̀ pé, "Ọlọ́hun, forí jì í. Ọlọ́hun, kẹ́ ẹ."