Bí a ṣe ń fa ìlà kọ́ńtọ̀ àti máàpù ìdagẹ̀rẹ̀ fún pulọ́ọ̀tì orí òkè ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Pulọ́ọ̀tì tí a máa lò lónìí wà ní Ẹ̀pẹ́, lójú òkè tó kọjú sí ọ̀sà. Ìwọ̀n tí gbogbo wa mọ̀ l'Ékòó ni: ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Títì wà lókè, ilẹ̀ sì ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sẹ́yìn. Alhaji tó ni ín fẹ́ mọ ibi tí òun máa gbé ilé sí kí ayàwòrán ilé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sáré lọ wa fáìlì gíga ilẹ̀ ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ fara balẹ̀ ná. Yálà SRTM tí wọ́n yà láti òfurufú lọ́dún 2000 ni o, tàbí Copernicus GLO-30, píksẹ́lì kan nínú rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 30 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Píksẹ́lì kan ṣoṣo fẹ̀ ju pulọ́ọ̀tì Alhaji lọ. Tí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà fa kọ́ńtọ̀, ìyẹn ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀, lórí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ó máa fà á, ó sì máa dán lójú, àmọ́ ńṣe ló kàn ń méfò láàárín nọ́ńbà méjì. Mo máa ń lò ó láti mọ ibi tí ọ̀gbàrá ti ń wá láti òkè. Mi ò ní fi gbé ilé kalẹ̀ láé.

Nítorí náà, dróònù la fi ya ilẹ̀ yìí. Kí dróònù tó gbéra, a ti ní kí wọ́n ṣán ewé Akíntọ́lá àti ẹ̀kan tó bo ìsàlẹ̀ pulọ́ọ̀tì, torí kámẹ́rà kì í rí ilẹ̀ lábẹ́ igbó. Ibi tí kò bá rí, sọfitíwíà máa fi àròsọ dí i ni.

Inú WebODM, sọfitíwíà tó ń sọ fọ́tò dróònù di máàpù, ni mo ti ṣètò àwọn àwòrán náà. Fáìlì méjì ló lè fún yín: `dsm` àti `dtm`. `dsm` ń ka orí igi àti òrùlé mọ́ gíga ilẹ̀. `dtm` ń gbìyànjú láti yọ wọ́n kúrò kó lè ku ilẹ̀ nìkan. `dtm` la fẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ mú un fúnra yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ojú iboju mi. Mo ti fa kọ́ńtọ̀ lórí `dsm` kí ẹ lè rí ìyàtọ̀. Ẹ rí àwọn òrùka kéékèèké tó wọnú ara wọn níbí yìí, lápá òsì? Òkè kékeré kọ́ nìyẹn, igi káṣú ni. Nígbàkigbà tí ẹ bá rí irú òrùka bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ tó yẹ kó máa dà lọ sápá kan, ẹ padà lọ wo fọ́tò dróònù, ẹ máa bá igi tàbí ilé níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ẹ ṣí OSGeo4W Shell tó bá QGIS, sọfitíwíà máàpù wa, wá, ẹ wọ fódà tí fáìlì yín wà, kí ẹ tẹ èyí:

```
gdalwarp -t_srs EPSG:32631 -tr 1 1 -r average dtm.tif ile_1m.tif
gdal_contour -3d -a ELEV -i 0.5 ile_1m.tif kontoo.gpkg
gdaldem slope -p ile_1m.tif idagere.tif
```

Ìlà àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ó ń gbé fáìlì náà sínú UTM zone 31N, níbi tí Ẹ̀pẹ́ bọ́ sí, kí ìbú àti gígùn lè jẹ́ mítà bíi ti gíga. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní dìgírì, ìyẹn EPSG:4326, àwọn ẹ̀dà àtijọ́ `gdaldem` á máa fi ìdá dìgírì kíún pín mítà gíga, gbogbo ilẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán bí ògiri. Bí máàpù ìdagẹ̀rẹ̀ yín bá jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

`-tr 1 1` ń sọ píksẹ́lì di mítà kan, `-r average` sì ń mú ìpíndọ́gba àwọn píksẹ́lì kéékèèké tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan á ní, kí ló dé tí a ń dín in kù nígbà tí dróònù fún wa ní sẹ̀ǹtímítà 5? Torí ní sẹ̀ǹtímítà 5, gbogbo ebè ẹ̀gẹ́ àti ipa ẹsẹ̀ ló máa di ìdagẹ̀rẹ̀, kọ́ńtọ̀ yín á sì máa gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó. Ilé kì í jókòó lórí ipa ẹsẹ̀.

Ìlà kejì ń fa kọ́ńtọ̀ ní ìdajì mítà sí ìdajì mítà. Ìkẹta ń ṣe ìdagẹ̀rẹ̀; `-p` ló ń jẹ́ kó jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá yọ `-p` kúrò, dìgírì ló máa fún yín, ẹ má sì jẹ́ kí méjèèjì dàrú mọ́ yín lójú: 100% jẹ́ dìgírì 45.

Ẹ wá gbé fáìlì méjèèjì sínú QGIS. Fún ìdagẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí `Symbology`, ẹ mú `Singleband pseudocolor`, kí ẹ sọ `Interpolation` di `Discrete`. Èmi máa ń pín in sí 5, 10, 15, àti ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wò ó báyìí. Láti ẹ̀gbẹ́ títì dé ẹ̀yìn, ilẹ̀ fi mítà 4.2 wálẹ̀ láàárín mítà 36. Ìpíndọ́gba rẹ̀ ń lọ sí 12%. Tí a bá dúró síbẹ̀, a máa sọ fún Alhaji pé ibikíbi ló dáa. Àmọ́ ẹ wo kọ́ńtọ̀: lápá òkè, wọ́n jìnnà síra, nǹkan bíi mítà 8 láàárín ìlà méjì. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n há mọ́ra, kò ju mítà 2.7 lọ. Mítà 20 tó wà lókè fi 1.2 péré wálẹ̀, ìyẹn 6%. Mítà 16 tó kù fi 3 wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19%.

Ilé Alhaji máa gba mítà 12 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tó bá jókòó sápá òkè, ìyàtọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 72 lọ, ìpìlẹ̀ alátẹ̀gùn kékeré lè gbé e. Tó bá jókòó sí ìsàlẹ̀, ó di mítà 2.25, ẹ ti ń wo ògiri tí á dá iyẹ̀pẹ̀ dúró nìyẹn, owó ńlá sì ni.

Kí n tó kó o fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí ilẹ̀. Ẹ mú róbà gígùn tó mọ́ gaara, èyí tí bíríkìlà ń bu omi sí láti fi mọ bí ilẹ̀ ṣe dọ́gba. A kan èèkàn kan sí ẹ̀gbẹ́ títì, òmíràn síbi tí ilẹ̀ ti yí padà. Ẹ rí i kí atẹ́gùn kankan má sí nínú róbà náà, tó bá wà, irọ́ ni yóò máa pa. Níbi èèkàn òkè, omi dúró ní mítà 0.30 sí ilẹ̀; níbi èèkàn ìsàlẹ̀, 1.48. Ìyàtọ̀ jẹ́ 1.18, fáìlì wa ní 1.20. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ká ní ó ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ ni, pàápàá níbi tí igbó wà tẹ́lẹ̀, màá ní kí sọ́féyọ̀ gbé irinṣẹ́ lọ ka apá ibẹ̀ ní ẹsẹ̀ rìn.

Fún ayàwòrán ilé, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ kọ́ńtọ̀ náà, `Export`, `Save Features As...`, kí ẹ mú `AutoCAD DXF`. Nítorí `-3d` tí a lò, gíga ìlà kọ̀ọ̀kan máa bá a lọ. Nọ́ńbà gíga tí dróònù fún wa kì í ṣe gíga sókè òkun, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sí igun máàpù pé èèkàn ẹ̀gbẹ́ títì la fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwọ̀n, kí ẹni tó máa gbẹ́ gọ́tà má lọ fi wé máàpù ẹlòmíràn.