O Kú Ìsinmi: Níbi Tí Àwàdà Ẹgbẹ́ Ti Ń Di Ọgbẹ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará Adó, àti ẹ̀yin tí ẹ ti Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjerò wá. Bí mo ṣe ń wọlé bọ̀, mo gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ṣe ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan ní, "Àwé, ṣó wà?" Èkejì ní, "Mo wà pa." Ẹ̀kẹta tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ ní, "Ẹ kú ìranù o!" Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kẹta yẹn ni mo fẹ́ kí á tú wò.

"Kú" ni egungun ìkíni wa. Ohun tí èèyàn ń ṣe, tàbí ipò tó wà, la máa ń fi tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Kò sí ohun tí a kò lè fi sí ìdí "kú", ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ẹgbẹ́ ti rí àyè ṣeré. Wọ́n á gba ìkíni tí a fi ń bu ọlá fúnni, wọ́n á ki ohun tí kò lọ́lá bọ inú rẹ̀: o kú ọ̀lẹ, o kú oorun, o kú owó níná. Ìkíni ni etí kọ́kọ́ gbọ́, kó tó mọ̀ pé wọ́n ti bú òun. Ìyẹn ló ń pani lẹ́rìn-ín.

Àwàdà yìí ní ààlà, ààlà náà kì í sì í ṣe bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó. Ọ̀lẹ le ju ìsinmi lọ, síbẹ̀ "o kú ọ̀lẹ" lè má dun ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ti ṣàkíyèsí ni pé, tó bá jẹ́ nǹkan tí ẹni náà lè fọwọ́ ara rẹ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀, eré ni. Ọ̀lẹ lè dìde. Onínàákúnàá lè di àpò rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ nǹkan tó dé bá a, tí kò pè é, tí kò sì lè lé e lọ, ẹ má fi sí ìdí "kú" láti fi rẹ́rìn-ín.

Èmi náà ti kọjá ààlà yìí rí. Ọ̀rẹ́ mi kan, ẹgbẹ́ mi láti ilé ìwé girama, ti Èkó padà wá sílé. Wọ́n ti dín òṣìṣẹ́ kù níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, mo sì gbọ́, àmọ́ n kò rò ó jinlẹ̀. A pàdé níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn àna rẹ̀ wà níkàlẹ̀. Mo na ọwọ́ sókè, mo kígbe pé, "Àwé! O kú ìsinmi o!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ ṣé o, sà."

"Ẹ" yẹn ni kí ẹ wò. Ẹgbẹ́ tí inú rẹ̀ dùn á dá àwàdà padà lórí egungun kan náà: "Ìwọ náà kú òfófó." Tó bá ṣàdédé gbé ọ lọ sí ipò àgbà, tó ń fi "ẹ" dá ọ lóhùn, kò bọ̀wọ̀ fún ọ o. Ó ti ilẹ̀kùn ni. (Àwọn ará Ọ̀yọ́ máa ń fi àwa Èkìtì ṣe yẹ̀yẹ́ pé a máa ń sọ "o" sí àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní abúlé ìyá mi lóòótọ́, lórí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi, láti ogún ọdún sẹ́yìn, "ẹ" kò wọlé rí.)

Àwọn àna rẹ̀ tó ń gbọ́ ló bà á jẹ́ jù. Ká ní àwa méjì péré la wà nídìí ayò ni, ó ṣeé ṣe kó ní, "Ìwọ náà máa wá gba tìrẹ." Lójú àna, mo ti kéde fún wọn pé ọkọ ọmọ wọn kò níṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo lọ bá a nílé. N kò pè é ní àwé. Mo pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é, mo ní, "O kú ìrọ́jú." Ẹ wò ó, egungun kan náà ni, "kú" kan náà. Ìrọ́jú ni orúkọ tí èdè wa ti ń fún irú ipò tó wà láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti fò ó kọjá láti lọ gbé ìsinmi. Kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó fa àga kan sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Jókòó, àwé. Ọ̀rọ̀ burúkú rẹ ti pọ̀ jù."