Ohun tí Rúlà Kò Rí Nínú ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọṣẹ́ átíìsì sọ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀ fún kíkà.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ wo pátákó tó wà níwájú wa yìí. Ọ̀kan nínú yín ló kọ ọ́, ó sì ti gbà kí n tú u palẹ̀ lójú gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀: ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 20. Búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ ló fi kọ ọ́, ó sì fi rúlà wọn sẹ̀ǹtímítà 3 sáàárín gbogbo wọn, kò ṣì í níbì kankan. Síbẹ̀, ẹ lọ wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó, M àti Ọ̀ fún mọ́ra láàárín, Ṣ wá dá dúró bí ẹni tí wọn ò pè.

Rúlà ò purọ́ o. Ibi tí lẹ́tà méjì ti súnmọ́ra jù lọ ló ń wọ̀n, ṣùgbọ́n gbogbo òfìfo tó wà láàárín wọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ni ojú ń wọ̀n. Ẹ kà á sí gààrí tí ẹ fẹ́ dà sáàárín lẹ́tà. Láàárín O àti G, ara méjèèjì rí róbótó. Àárín nìkan ni wọ́n ti súnmọ́ra, òkè àti ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀, gààrí tó máa gbà pọ̀. Láàárín O àti M, ẹsẹ̀ M dúró gbọnrangandan, kò fàyè sílẹ̀ lápá tiẹ̀, gààrí ibẹ̀ kéré. Ṣ tún burú jù: ó ní ihò lápá ọ̀tún àti lápá òsì, òfìfo inú ara rẹ̀ sì ń kún ti ìta.

Nínú àlàfo méje tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mẹ́rin ló wà láàárín ara róbótó méjì: OG, BO, OṢ àti ṢO. GB, OM àti MO ló kù, ẹsẹ̀ tó dúró ṣánṣán sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ fi 3 sílẹ̀ fún mẹ́ta yìí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti 2 fún mẹ́rin àkọ́kọ́. Ojú ló máa parí ẹ̀. Ẹ fi ìwé bo gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ ṣí lẹ́tà mẹ́ta nìkan sílẹ̀, kí ẹ bi ara yín bóyá èyí tó wà láàárín ń fì sápá kan. Lẹ́yìn náà, ẹ sún ìwé náà síwájú ní lẹ́tà kan. Ẹ tún yí pátákó náà kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹ má baà máa ka ọ̀rọ̀ náà dípò kí ẹ wò ó.

Ẹ jẹ́ kí àwọn O yọ díẹ̀ kọjá ìlà pẹ́ńsù lókè àti nísàlẹ̀, bíi mílímítà 3. Bí wọ́n bá bá ìlà dọ́gba gẹ́lẹ́ bí èyí, wọ́n á kéré lójú ju B lọ.

Ó wá ku ọwọ́ tó kọ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ tí ẹ bá fi ẹnu rẹ̀ dagun díẹ̀, tí apá ọ̀tún ga ju òsì lọ, máa ń mú kí O tín-ín-rín ní ibi tí aago 11 àti aago 5 máa ń wà. Ẹ wo O mẹ́rin yìí. Mẹ́ta ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé M tín-ín-rín ní aago 12 àti aago 6. Ọwọ́ ti yí níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó sún àga kó tó kọ ọ́. Ẹni tó ń kọjá ò ní mọ ohun tó ṣe é, àmọ́ á rí i pé O yẹn kì í ṣe ọmọ ìyá àwọn yòókù.

Ibi tó dùn mí jù ni àmì ohùn. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré onírun ṣóńṣó ló fi kọ wọ́n, ó dà bíi pé ẹlòmíì ló wá fi wọ́n kún un. Búrọ́ọ̀ṣì tó kọ lẹ́tà ni kó kọ àmì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àmì ohùn ìsàlẹ̀ máa nípọn fúnra rẹ̀, torí ó gba ìdábùú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì. Àmì ohùn òkè ń bá ẹnu búrọ́ọ̀ṣì rìn, á sì tín-ín-rín bí okùn. Nígbà tí ẹ bá dé orí Ó àti Ọ́, ẹ tẹ́ ẹnu búrọ́ọ̀ṣì gbọọrọ kí ẹ tó fà á, kí ẹ sì mú àmì náà dúró díẹ̀ sí i. Àmì ìsàlẹ̀ Ọ àti Ṣ, ẹ kàn gbé ẹnu búrọ́ọ̀ṣì náà lé e lẹ́ẹ̀kan, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jìnnà sí lẹ́tà bákan náà.

Ọmọ wa tó kọ ọ́ bi mí pé, “Ọ̀gá, ṣé kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ ni?” Bó bá jẹ́ Ọ̀ yẹn àti àwọn àmì nìkan ni, a lè tún wọn ṣe láyè wọn. Àlàfo kò ṣeé lẹ̀ bẹ́ẹ̀; bí ẹ bá sún G, gbogbo ohun tó tẹ̀lé e á sún. Kó pa á rẹ́, kó fi pẹ́ńsù ya M sáyè tirẹ̀ kọ́kọ́, kó kọ ìyókù jáde láti ibẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì. Sẹ̀ǹtímítà 4 máa ṣẹ́ kù, kó pín in sí ẹ̀gbẹ́ pátákó méjèèjì.