Bí A Ṣe Ń Gba Ìwé Lọ́wọ́ Onílé Pé Owó Ilé Kò Ní Lé Lọ́dún Tó Ń Bọ̀

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ayálégbé Ìbàdàn. Bàbá onílé ti sọ fún yín pé òun ò ní fi kọ́bọ̀ lé owó ilé lọ́dún tó ń bọ̀. Inú yín dùn, ẹ ṣàdúrà fún un, ẹ sì padà sílé. Lẹ́nu ló ti sọ ọ́. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò báyìí ni bí ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ṣe lè di ìwé láì tàbùkù àgbàlagbà, àti ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà kó tó lè gbèjà yín.

Òfin kò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò jẹ́ nǹkan kan. Àdéhùn ilé tó bá ju ọdún mẹ́ta lọ ni òfin ní kó wà nínú ìwé. Ti ọdún kan lè jẹ́ ti ẹnu, kó sì múlẹ̀. Ẹ̀rí ni ìṣòro. Ní Ìbàdàn níbí, ẹni tó ṣèlérí lè má jẹ́ ẹni tó máa wá gba owó. Bàbá lè dolóògbé kí ọdún tó yípo. Àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó tàbí lókè òkun á gbé ilé fún éjẹ́ǹtì, éjẹ́ǹtì náà á sì dé pẹ̀lú iye tuntun. Kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin àti bàbá ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ohun tó lè kà.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ léraléra pé onílé kò lè dá jókòó kó fi owó lé owó ilé, kó sì di dandan fún ayálégbé. Àdéhùn ni owó ilé, ẹni méjì ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí sùn. Onílé tí ẹ kò bá gbà fún lè fún yín ní ìwé kó-kúrò-nílé. Fún ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà ni ìwé náà máa ń jẹ́ bí àdéhùn yín kò bá sọ iye mìíràn. Torí náà, ìgbà tí inú onílé ṣì dùn, tí ọ̀rọ̀ owó kò tíì dàríyànjiyàn, ni kí ẹ gba ìwé. Oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú kí ọdún yín tó pé dára. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ó ti pẹ́. Ọwọ́ onílé lágbára jù nígbà yẹn, torí ẹ̀yin náà kò ní lè wá ilé mìíràn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ayálégbé kan, ká pè é ní Ìyá Ìbejì. Ẹlẹ́yẹlé ló ń gbé, nínú fúláàtì oníyàrá méjì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà ló ń san lọ́dún, ọdún rẹ̀ yóò sì pé ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án 2026. Nínú Oṣù Kẹfà, Alájì tó nilé sọ fún un pé, “Má dààmú, iye tó o ń san náà ni.” Kí ni kó ṣe?

Kó má ṣe lọ sọ fún Alájì pé, “Ẹ kọ ìwé fún mi.” Bí ẹ bá ní kí àgbàlagbà lọ jókòó kọ ìwé, ẹ ti gbé iṣẹ́ fún un, ẹ sì ti mú un ronú pé ẹ kò fọkàn tán òun. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ni kó kọ lẹ́tà, kó tẹ ẹ̀dà méjì, kó sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ tí Alájì kàn máa fọwọ́ sí. Lẹ́tà náà lè lọ báyìí:

“Alájì wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Èmi ni ayálégbé yín nínú fúláàtì ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún, nínú ilé yín ní Ẹlẹ́yẹlé. Iye tí mo ń san lọ́dún ni ₦400,000, ọdún tí mo san yóò sì parí ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án 2026. Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ fún mi ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹfà pé iye yìí náà ni n ó san fún ọdún tó tẹ̀ lé e, láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá 2026 títí di ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án 2027. Mo ti ń kó owó náà jọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ yìí kó lè wà lákọsílẹ̀ fún èmi àti ẹ̀yin.”

Lábẹ́ orúkọ rẹ̀ àti ìbuwọ́lù rẹ̀, kó kọ ti Alájì: “Mo gbà pé owó ilé fúláàtì tí a dárúkọ lókè yìí yóò jẹ́ ₦400,000 fún ọdún náà, n kò sì ní fi owó kún un kí ọdún náà tó parí. Owó ọlọ́dẹ àti owó ìdọ̀tí yóò wà bí a ti ń san án tẹ́lẹ̀.” Lẹ́yìn èyí, orúkọ Alájì ní kíkún, ìbuwọ́lù, àti ọjọ́.

Ẹ wo gbólóhùn owó ọlọ́dẹ yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ló ti di owó ilé mú ṣinṣin tí owó sì gba ẹ̀yìn jáde: owó ọlọ́dẹ di ìlọ́po méjì, wọ́n dá owó kànga sílẹ̀, éjẹ́ǹtì ní kí wọ́n san owó àtúnṣe ìwé. Bí ẹ ti ń san owó kan tẹ́lẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà. Iná mànàmáná ni kí ẹ má fi kún un, torí Alájì kọ́ ló ń dá iye iná.

Bí ẹ bá ń mú lẹ́tà lọ, ẹ mú ẹnu lọ pẹ̀lú. Ìyá Ìbejì á kúnlẹ̀, á kí i tán, á ní, “Ẹ ṣé sà. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá mi sọ lọ́jọ́sí ni mo kọ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ yín tó bá ń bá yín mójú tó ilé lè mọ ibi tá a bá a dé.” Bí Alájì bá ní, “Ṣé o ò gbà mí gbọ́ ni?”, kó dáhùn pé, “Mo gbà yín gbọ́ sà. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá wá bèèrè owó lọ́wọ́ mi ni mo ń rò.” Òótọ́ sì ni. Àgbàlagbà tó ti rí ìjà ogún nínú ilé ẹlòmíràn máa ń tètè gbọ́ èyí yé.

Ó lè má fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ó lè fi ìdáhùn ránṣẹ́ sórí fóònù. Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà. “Kò sí wàhálà” kò sọ iye owó. “A kò tíì fowó lé e” kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá. “A ó máa wò ó” kì í ṣe ìlérí rárá. Bí irú èyí bá wọlé, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pẹ̀lú iye àti ọjọ́: “Ẹ ṣé sà. Ohun tó yé mi ni pé ₦400,000 ni n ó san láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá 2026 títí di ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án 2027. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Bí “bẹ́ẹ̀ ni” rẹ̀ bá tẹ̀ lé e, ẹ ti rí nǹkan mú. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba ohun tó wá láti inú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n abala 84 rẹ̀ ní ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ilé ẹjọ́ tó gbà á. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù, ẹ sì má gbára lé àwòrán rẹ̀ nìkan. Bébà tó ní ìbuwọ́lù ṣì rọrùn jù ú lọ.

Bí Alájì kò bá mọ̀wé ńkọ́? Ìtẹ̀ka rẹ̀ nìkan kò tó. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé sọ pé ẹni tó bá kọ ìwé fún wọn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé náà. A sì gbọ́dọ̀ kà á sí wọn létí, ká ṣàlàyé rẹ̀ títí yóò fi yé wọn, kí wọ́n tó tẹ̀ka. Ẹ kọ gbogbo èyí síbẹ̀. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí Ìyá Ìbejì má jẹ́ òǹkọ̀wé àti ẹlẹ́rìí nínú ìwé tó wà fún àǹfààní ara rẹ̀. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Alájì kà á fún un, kó sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ilé ẹbí tún yàtọ̀. Ilé tí bàbá ti kú, tí àwọn ọmọ jọ jogún, kì í ṣe ti ẹni tó ń gbé yàrá iwájú nìkan. Bí àbúrò bá fọwọ́ sí ìwé yín, ẹ̀gbọ́n lè ní òun ò mọ̀ sí i. Ẹ wá olórí ẹbí, tàbí ẹni tí ẹbí yàn láti máa gba owó ilé, kí ìwé sì sọ ọ́ pé lórúkọ ẹbí ló ń fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ éjẹ́ǹtì tàbí lọ́yà ni, ẹ bèèrè ìwé tí onílé fi yàn án.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Alájì ti fọwọ́ sí i. Ìwé yìí lágbára, ṣùgbọ́n ìlérí tí ayálégbé kò san nǹkan kan lé lórí lè fún lọ́yà onílé ní àyè láti jà. Òfin ní ọ̀nà tó fi ń dá onílé tó yí ọ̀rọ̀ padà dúró. Ní 1947, Adájọ́ Denning ní London sọ pé onílé tó kọ ọ́ sínú ìwé nígbà ogun pé òun dín owó ilé kù kò lè padà wá gba ìyókù ti àkókò ogun náà, níwọ̀n bí ayálégbé ti gbára lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé iwájú adájọ́, owó ló máa ń pa ẹnu mọ́. Bí Ìyá Ìbejì bá lè san díẹ̀ nínú owó ọdún tuntun lọ́jọ́ tí Alájì fọwọ́ sí i, bí ₦100,000, kó san án. Ìlérí ti di àdéhùn tí owó ti wọ̀ nìyẹn.

Kó gba ilé ìfowópamọ́ san án, kì í ṣe lọ́wọ́ sí ọwọ́. Níbi tí fóònù ti ń bèèrè ìdí tó fi ń fi owó ránṣẹ́, kó kọ ọ́ pé “owó ilé Ẹlẹ́yẹlé, Oṣù Kẹwàá 2026 sí Oṣù Kẹsàn-án 2027, ₦100,000 nínú ₦400,000.” Kí rísíìtì tí Alájì máa fún un sì gbé ọ̀rọ̀ kan náà. Rísíìtì tó kàn sọ pé “owó ilé” láì dárúkọ àkókò ni mo máa ń bẹ̀rù jù, torí onílé lè ní gbèsè àtijọ́ ni ẹ san.

Bí Alájì bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan, kò sí òfin tó lè fi tipátipá mú un. Kí Ìyá Ìbejì má jà. Kó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí i síbẹ̀síbẹ̀, lọ́nà tí yóò hàn pé ó gbà á, kó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye tí irú fúláàtì bẹ́ẹ̀ ń lọ ládùúgbò báyìí, torí ó ṣì ní oṣù méjì sí mẹ́ta níwájú rẹ̀ láti pinnu bóyá yóò dúró tàbí yóò kó lọ.